Ìwé Kan fún Iná, Omíyalé àti Ilé Wíwó

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan lápá Kétu, l'Ékòó. Ilé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wá. Iná jó ilé kan mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, omi kánáàlì máa ń wọ ìsàlẹ̀ àdúgbò bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilé alájà mẹ́ta kan sì ti ń là. Alága ní kí n kọ ètò pàjáwìrì mẹ́ta, ẹlòmíì ní ọ̀kan ti tó. Èwo ni kí n ṣe, kí ni mo sì máa kọ sínú rẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò, akọ̀wé wa. Ọ̀kan ni kí ẹ kọ. Iṣẹ́ panápaná ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ onílé jókòó lórí irú ìwé tí ẹ fẹ́ kọ yìí. Níbi tí wọ́n bá ti kọ mẹ́ta, inú kọ́bọ́ọ̀dù alága ni mo máa ń bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ariwo jí lójú oorun ní aago méjì òru kò mọ̀ bóyá iná ló ń jó tàbí ilé ló wó. Ó kàn gbọ́ "gbì" ni, ó gbọ́ igbe, kò sì ríran dáadáa. Bí ohun tó yẹ kó ṣe bá dúró lórí pé kó kọ́kọ́ mọ irú ewu tó dé, ìṣẹ́jú tó yẹ kó fi jáde ló máa fi wádìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún yín pé ọ̀kan tó náà kò tíì sọ ọ́ tán. Ìró tí ẹ fi máa ta ará àdúgbò jí, orúkọ tí ẹ máa kà, ẹni tó máa pe ìjọba àti ẹni tó máa ṣí géètì, gbogbo ìyẹn lè jẹ́ ọ̀kan náà fún ewu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí àwọn èèyàn máa sá lọ kò lè jẹ́ ọ̀kan, àfi tí ẹ bá ti fi ẹsẹ̀ yín rìn ín wò. Àṣìṣe tí mo sì máa ń bá jù lọ nínú irú ìwé yìí nìyẹn.

Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí mìíràn tí ìwé mẹ́ta kò fi wúlò: ewu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí máa ń bí ara wọn. Irin tó wà nínú dẹ́kìn àti òpó ilé ló ń bá kọnkéré gbé ẹrù. Bí ooru bá dé nǹkan bíi 600 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, agbára irin náà á ti dín sí bí ìdajì, iná yàrá tó ti gbilẹ̀ sì máa ń gbóná kọjá bẹ́ẹ̀. Kọnkéré fúnra rẹ̀ á máa bẹ́ pàù-pàù, á máa ṣí kúrò lára irin, irin á sì wà níhòòhò fún iná. Ìdí nìyẹn tí ilé fi lè wó nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́, tàbí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti pa á. Ní ti omi, ó máa ń wa iyẹ̀pẹ̀ kúrò lábẹ́ ìpìlẹ̀, pàápàá níbi tó bá ti ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilé, búlọ́ọ̀kù tí símẹ́ńtì rẹ̀ kò tó náà á sì mu omi títí á fi rọ̀. Bí ilé bá sì wó, á já wáyà iná NEPA, á tẹ sílíńdà gáàsì fọ́, á da pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, iná á tún ràn lórí àwókù tí èèyàn wà lábẹ́ rẹ̀.

Ilé tó jó lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ẹ kò sọ bóyá wọ́n ti padà sínú rẹ̀. Bí dẹ́kìn bá wà lórí rẹ̀, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó kọ ìlà kan sínú ìwé yín. Mo ti rí ilé tí wọ́n kàn fọ èéfín ara rẹ̀, tí wọ́n kùn, tí wọ́n sì fi háyà. Ẹ wo abẹ́ dẹ́kìn níbi tí iná ti jó jù. Bí kọnkéré bá ti ṣí tí irin ń yọjú, bí dẹ́kìn bá ti tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín, tàbí tí àwọ̀ kọnkéré bá ti yí sí pupa rẹ́súrẹ́sú, ooru ti wọ inú rẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo òkúta ló máa ń yí àwọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà bí ẹ kò bá rí pupa, kò túmọ̀ sí pé ó yè. Ẹ́ńjíníà ilé ló lè sọ ìyẹn. Tiyín ni kí ẹ rí i pé ẹnikẹ́ni kò sùn síbẹ̀ títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìwé náà. Ìró ìkìlọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ríìmù ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ bá fi ṣéènì so kọ́ lára òpó, pẹ̀lú irin kan tí ẹ so mọ́ ọn láti fi lù ú, sàn ju gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí lọ, nítorí iná NEPA kì í sí nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Àdúgbò tó gùn tó tiyín á nílò méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹnìkan máa dìde nípàdé pé kí a lù ú lẹ́ẹ̀mẹta fún iná, lẹ́ẹ̀mẹrin fún omi, lẹ́ẹ̀marùn-ún fún ilé tó wó. Ẹ má gbà fún un. Mo ti bá àdúgbò kan gbìyànjú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn oṣù méjì, nínú àwọn tó wà nípàdé, kò sí ẹni tó rántí èyí tó jẹ́ tèwo. Ìró kan ṣoṣo, ìtumọ̀ kan ṣoṣo: gbogbo ilé, ẹ jáde. Ẹnu ni ẹ máa fi sọ ìyókù. Ẹni tó bá lù ú, òun náà ni kó máa pariwo ohun tó rí àti ilé tó ti rí i.

Èyí tó ṣe kókó jù nínú ìwé náà ni kíka orí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fàájì, l'Érékùṣù Èkó. Ilé gbígbé ni, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sì wà lórí rẹ̀. Ní wákàtí àkọ́kọ́, iye ọmọ tí oníkálukú ń pè pé ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò bára mu rárá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, àwọn ẹbí sì dúró sẹ́nu ibẹ̀ lọ́jọ́ lọ́jọ́ pẹ̀lú orúkọ àwọn èèyàn wọn. Ẹni tí kò bá tíì rí irú rẹ̀ lè má mọ ohun tí àìmọ iye yìí ń dá sílẹ̀. Bí a bá mọ̀ pé èèyàn mẹ́rin ló sùn sí yàrá ẹ̀yìn lápá òsì, ibẹ̀ la máa kọ́kọ́ wá. Bí a kò bá mọ̀, a máa wá ibi gbogbo, wákàtí tó yẹ ká fi gba ẹ̀mí là á sì lọ sórí yàrá òfìfo. Bákan náà ni fún iná. Ẹni tó bá ti jáde, tó gbà pé ọmọ òun ṣì wà nínú ilé, máa padà wọlé, ọmọ náà sì lè wà lọ́dọ̀ aládùúgbò láti àárọ̀. Mo ti gbé irú òbí bẹ́ẹ̀ jáde rí, kò mí mọ́.

Nítorí náà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ẹ má béèrè ohun tó pọ̀, nítorí àwọn onílé máa ń bẹ̀rù pé owó orí ni ẹ fẹ́ fi kà wọ́n mọ́, wọ́n á sì dín iye ayálégbé wọn kù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ojú ewé kan bí a ṣe kọ ọ́ ní àdúgbò tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Lókè ewé: ilé 17, alájà kan, yàrá mẹ́jọ. Lábẹ́ rẹ̀: ní òru, èèyàn 23, ní ọ̀sán, bíi 9. Ìlà tó tẹ̀ lé e: ìyá àgbà kan wà ní yàrá kẹta nísàlẹ̀, kò lè dá rìn, àwọn ọkùnrin méjì láti ilé 18 ló máa gbé e. Ìlà tó kẹ́yìn: fèrèsé ẹ̀yìn ní irin bọ́gílárì tí kò ṣeé ṣí, ilẹ̀kùn iwájú nìkan ni ọ̀nà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ́ kí onílé náà pe alurinmọ́rin kó fi híńjì àti kọ́kọ́rọ́ sí irin fèrèsé kan, nítorí ìgbà tó rí i lórí ìwé ni ó tó yé e pé èèyàn mẹ́tàlélógún ló ń sùn sí ilé tó ní ẹnu kan ṣoṣo. Ẹ ṣe ìwé náà ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè níbi tí omi kì í dé. Ìgbà tí ẹ bá ń gba owó oṣù ẹgbẹ́ ni kí ẹ máa tún un kọ, nítorí ayálégbé ń kó wọlé, ó ń kó jáde. Ìwé tó bá ti pé ọdún kan láì yí padà ti di irọ́.

Yàtọ̀ sí ìwé náà, ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnìkan tó máa ka orí ará ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde, àti igbákejì rẹ̀. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ onílé. Ayálégbé obìnrin tó ń ta nǹkan níwájú ilé máa ń mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde ju onílé lọ. Ohun tó máa wá sọ fún yín kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ilé 17, a pé," tàbí "Ilé 17, ó ku méjì, yàrá ẹ̀yìn lókè." Gbólóhùn yẹn ni mo máa ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ panápaná. Dípò rẹ̀, igba èèyàn ló máa ń sọ igba nǹkan fún wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàyí o, ibi tí ẹ máa kó ara yín jọ sí. Ní àdúgbò kan tí mo bá ṣètò ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo wa la fẹnu kò sí pápá ilé ìwé kan. Ó tẹ́jú, ó gba èèyàn, ó jìnnà sí ilé. Fún iná, kò sí ibi tó dára tó o. Òjò oṣù Kẹwàá dé, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lóru, wọ́n lu irin, àwọn èèyàn sì gba pápá lọ gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ wọn. Ìsàlẹ̀ ni pápá náà wà, gọ́tà ńlá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ débẹ̀, omi ti dé orúnkún, ẹnikẹ́ni kò sì rí ibi tí gọ́tà wà mọ́. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ọ̀dọ́kùnrin kan ló jìn sí i, wọ́n fi aṣọ fà á jáde. Èmi ni mo fọwọ́ sí ibi yẹn lórí ìwé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Láti ìgbà náà ni n kò ti gba ibi ìkójọ kankan láì béèrè lọ́wọ́ àgbà àdúgbò ibi tí omi dé nínú òjò tó burú jù tí wọ́n rántí.

Ohun tí ewu kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ yàtọ̀ síra. Iná ń fẹ́ kí ẹ jìnnà sí ilé tó ń jó, kí ẹ má dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ, kí ẹ má sì dí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná máa gbà. Omi ń fẹ́ ibi gíga, pẹ̀lú ọ̀nà tí kò kọjá lórí gọ́tà tàbí afárá kánáàlì, nítorí omi tó ń sáré, bí kò tiẹ̀ ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ díẹ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ilé wíwó ń fẹ́ àyè: ẹ ṣírò gíga ilé náà, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, kí ẹ sì dúró kọjá ibẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta yín á ga tó mítà 12 tàbí 13, èyí túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má dúró láàárín bíi mítà 20 sí i. Ẹ lọ fi okùn wọ̀n ọ́n. Ní àdúgbò tó há bíi tiwa, mítà ogún máa ń gba ìta ilé mẹ́ta kọjá, àwọn ará ilé wọ̀nyẹn náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n.

Bó ṣe yẹ kí ẹ yàn án nìyí. Ẹ mú ibi méjì, ọ̀kan lókè àdúgbò, ọ̀kan lápá ibòmíì tí kò sí lójú ọ̀nà kan náà. Ti òkè ni gbogbo èèyàn máa lọ nígbàkúùgbà tí irin bá dún, láì béèrè. Bí ewu náà bá wà ní òkè fúnra rẹ̀, tàbí tó bá dí ọ̀nà ibẹ̀, nígbà náà nìkan ni ẹ máa lo èkejì, ẹni tó lu irin ló sì máa kéde rẹ̀. Bí ibi kejì bá jẹ́ ibi tí omi máa ń dé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé gbàgàdà pé a kò gbọ́dọ̀ lò ó láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ Sátidé kan ni kí ẹ fi rìn ín, kí ẹ mú àgbà kan, aboyún kan àti ọmọ kékeré kan dání, kí ẹ rí ibi tí ọ̀nà ti há àti ibi tí pẹpẹ gọ́tà ti jẹrà.

Lẹ́yìn èyí, ewu kọ̀ọ̀kan nílò ojú ewé kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú ìwé náà, nítorí àkókò tí wọ́n ń fún yín kò dọ́gba. Iná ń fún yín ní ìṣẹ́jú. Yàrá tí fóòmù àti kọ́tìnì kún inú rẹ̀ lè gbiná látòkèdélẹ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Sílíńdà pupa oníwọ̀n kílò 6 tí ẹgbẹ́ máa ń rà, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á tán láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá ogún. Nítorí náà, iná tó bá ṣì kéré bíi ti inú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí ni a ń bá jà. Tó bá ti kan àjà, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ jáde. Ojú ewé iná kò gbọ́dọ̀ gùn ju ìyẹn lọ. Ẹ kàn fi kún un pé iná epo ìdáná kì í gba omi. Ìdérí ìkòkò tàbí aṣọ tútù tí a fún dáadáa ni a fi ń bò ó.

Omi ń fún yín ní wákàtí, nígbà mìíràn ọjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá odò Ògùn kò gbọ́dọ̀ wo òjò Èkó nìkan, nítorí omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán, lápá Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Oòrùn lè máa ràn l'Ékòó kí kánáàlì yín máa kún. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ló máa ń le jù. Ẹ ri òpó irin kan mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kánáàlì, kí ẹ fi ọ̀dà kùn ún ní ibi méjì. Ibi àkọ́kọ́ ni omi máa ń wà nígbà tí ó bá ku bíi wákàtí méjì kó wọ ilé tó rẹlẹ̀ jù. Àwọn ará ìsàlẹ̀ mọ ibẹ̀, ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ wọn ni. Bí omi bá kàn án, ẹ pa iná NEPA nílé tó wà nísàlẹ̀, ẹ gbé sílíńdà gáàsì àti jẹnẹrétọ̀ gòkè, kí àwọn aláìsàn sì kọ́kọ́ kúrò. Bó bá kan èkejì, ẹ lu irin. Bí omi bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má tan iná títí oníṣẹ́ iná mànàmáná á fi wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó rì.

Ilé wíwó ni ó ṣòro jù láti ṣàlàyé, nítorí ó lè fún yín ní oṣù mẹ́fà, ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kò sì ní ju bí ìgbà tí èèyàn sín lọ. Iṣẹ́ tó wà lójú ewé yìí, kí ó tó wó ni a ń ṣe é. Kì í ṣe gbogbo ìlà ara ògiri ló léwu. Ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun orí lára símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri wà nílé gbogbo wa. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni èyí tó là ní ìdábùú láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tó wọ inú búlọ́ọ̀kù, tí ẹ sì rí i lódì kejì ògiri. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí ìdí àti orí rẹ̀ níbi tó parí sí, ẹ kọ ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà wọn ibi tó fẹ̀ jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà wá. Bó bá ti gùn kọjá ìlà pẹ́ńsù, tàbí tó ti fẹ̀ sí i, ilé náà ń rìn, ẹ pe ẹ́ńjíníà. Bó bá ti fẹ̀ ju mílímítà 5 lọ, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ́ bó bá jẹ́ òpó tàbí bíìmù ló là, tí irin inú rẹ̀ ti dípẹtà tó ti wú tó ń ti kọnkéré jáde, tí ilẹ̀kùn tó ń pa tẹ́lẹ̀ kò pa mọ́, tí iyanrìn ń dà láti òkè, tí ẹ sì ń gbọ́ ìró bí ìgbà tí igi ń ya lóru, kò sí wíwọ̀n mọ́. Ọjọ́ náà ni kí wọ́n jáde. Àjọ LASBCA ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù.

Bí ó bá ti wó, ẹ̀yin aládùúgbò lẹ máa kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ sì máa yọ ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lókè àwókù. Ẹ fi ọwọ́ ṣe é, láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má gun orí rẹ̀, nítorí ìwúwo yín á lọ sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi okùn dá èrò dúró. Ẹ pa gbogbo jẹnẹrétọ̀ àti rédíò ní àyíká, kí ẹnìkan pariwo pé, "Ta ló wà níbẹ̀? Bí o bá ń gbọ́, kan nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta!" Kí gbogbo èèyàn wá dákẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Mo ti dúró nínú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ tí a gbọ́ ṣíbí tó ń lu páìpù lábẹ́ dẹ́kìn, kò-kò-kò, níbi tí gbogbo wa ti gbà pé kò sí ẹni tó lè yè. Ẹni tí òkúta ńlá bá tẹ̀ ní itan fún ju wákàtí kan lọ, ẹ má sáré gbé òkúta náà kúrò bí dókítà bá ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ bò ó kó má tutù, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ ní ẹsẹ̀ yẹn lè dá ọkàn rẹ̀ dúró bó bá tú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìpè sí ìjọba kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 112 tàbí 767 ni l'Ékòó, ẹni méjì tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ló sì máa pè é, kó má di pé oníkálukú rò pé ẹlòmíì ti pè. Ibi tí ẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, pẹ̀lú bọ́sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ yín, nítorí orúkọ òpópónà kan náà pọ̀ l'Ékòó bí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti iye èèyàn tó kù nínú ilé. Kí ọ̀dọ́ kan lọ dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ní ti géètì tí ẹ máa ń tì lóru, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí ilé wọn kò ju ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n lọ sí i, ẹ sì wọn ẹnu rẹ̀. Ọkọ̀ panápaná fẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀, ó sì nílò bíi mítà mẹ́rin láti wọlé kó sì yí. Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ tí omi kún inú rẹ̀, níwájú géètì tí wọ́n fi ṣéènì tì, tí iná sì ń jó lójú wa.

Ibi tí ìwé yìí kò ti ní ràn yín lọ́wọ́ ni ilé alájà mẹ́ta yẹn. Ìwé kò lè gbé òpó tó ti jẹrà dúró. Ẹ lè wọn ìlà, ẹ lè kọ̀wé sí ìjọba, kí ìdílé mẹ́jọ ṣì máa sùn níbẹ̀, nítorí wọ́n ti san owó ọdún kan, onílé kò sì ní dá a padà. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ́ dá owó, wọ́n gba yàrá fún oṣù kan fún àwọn tó ní ọmọ, ìyókù sì bá ẹbí gbé títí ọ̀rọ̀ fi lójú. Lẹ́ẹ̀kejì, onílé náà wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ilé náà kò tíì wó títí di òní, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí bí òjò bá ṣú. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí, ẹ gbé ìwọ̀n ìlà náà ka iwájú ìpàdé gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà lásán, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ayálégbé náà gbọ́ ọ. Ẹ mú pẹ́ńsù àti rúlà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé yìí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi.